50 Dípò 60: Nígbà Tí Ẹ̀rọ Ń Ṣiṣẹ́, Àmọ́ Tí Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Tí A Rà Á Fún

Gbólóhùn kan wà nínú ìdáhùn àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wa tí kò kúrò lọ́kàn mi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n dúpẹ́ pé a ra ọjà lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá fi í kádìí lẹ́tà náà: “Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe sọ, ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́.” Irọ́ kọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Kò gbóná jù, kò pariwo jù, kò gé ọ̀rá ní jágbajàgba. Bí àlejò bá wọlé tó dúró tì í, á ní ẹ̀rọ gidi lèyí. Bẹ́ẹ̀ ni àwa tá a rà á ń pàdánù lójoojúmọ́, a ò sì mọ ọ̀rọ̀ tá a lè fi dá gbólóhùn yẹn lóhùn.

Ẹ̀rọ tó ń di ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sínú ọ̀rá kékeré ni. Ohun tó wà nínú ìwé tá a fi bèèrè fún un ni pé kó máa di ọ̀rá 60 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, tí wọ́n tò ó tán, 50 ló ń dì. Kì í ṣe pé ó ń di 47 lónìí kó di 56 lọ́la. 50 ni láàárọ̀, 50 náà ni nírọ̀lẹ́. Bí ẹ ò bá gbé aago sọ́wọ́ kẹ́ ẹ kà á, ẹ ò lè fi ojú lásán mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é.

Ìdá kan nínú mẹ́fà

Kò sẹ́ni tí kò ní àlàyé tirẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn kan ní ọṣẹ ló tutù, pé kì í tètè ṣàn wálẹ̀. Àwọn kan ní ọwọ́ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ni kò tíì mọ́ ọn. Àwọn mìíràn dá rọ́ọ̀lù ọ̀rá lẹ́bi. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé gbọ́ sétí, torí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn lóòótọ́. Àmọ́ ohun kan ni wọ́n fi jọra: kò sí èyí tó máa ń fa ìdínkù tó dọ́gba. Bí ọṣẹ bá tutù, ẹ̀rọ á máa dúró, á tún máa lọ. Iye tó ń dì á máa gòkè, á máa sọ̀kalẹ̀. Tiwa kì í gòkè, kì í sì í sọ̀kalẹ̀.

Àbúrò kan tó ń bójú tó iná ní ilé-iṣẹ́ wa ló kọ́kọ́ rí i. Ó wá bá mi lọ́fíìsì, kò tiẹ̀ jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, tí a bá fi 50 wé 60, kí ló kù?”

“Ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà.”

“Hẹ́tísì mélòó ni iná tiwa?”

Mo ní 50 ni.

“Ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ yìí ńkọ́?”

Kò dúró gbọ́ èsì mi tó fi jáde lọ mú tọ́ọ̀ṣì. Èmi náà dìde tẹ̀ lé e.

Kí n ṣàlàyé èyí díẹ̀, torí òun ni gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lé. Iná tí ìjọba ń pín kì í ṣàn lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Iye ìgbà tó lọ tó sì bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n ń pè ní hẹ́tísì. Ní Yúróòpù àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, 50 ni. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 60 ni. Jàpáàn tiẹ̀ ń lo méjèèjì: ìhà ìlà-oòrùn níbi tí Tókíò wà ń lo 50, ìhà ìwọ̀-oòrùn níbi tí Òsákà wà ń lo 60. Láti ìgbà tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ amúnáwá Jámánì sí ọ̀hún, tí wọ́n ra ti Amẹ́ríkà síhìn-ín, lópin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ni wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀.

Mọ́tò iná tí a so mọ́ iná ìjọba tààrà kì í fúnra rẹ̀ yan bó ṣe máa sáré tó. Bí onílù bá ṣe lù ú ni oníjó ń jó o. Hẹ́tísì iná ni onílù. Mọ́tò onípóòlù mẹ́rin, tó wọ́pọ̀ jù lára ẹ̀rọ, máa ń yí tó ìgbà 1450 ní ìṣẹ́jú kan lórí iná 50. Gbé mọ́tò kan náà lọ sórí iná 60, á yí tó ìgbà 1750. Ẹnikẹ́ni ò yí nǹkan kan lára rẹ̀ padà. Ìlù ló yí padà.

Àbúrò yìí tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ẹ̀rọ, ó fi àkísà nu ẹ̀tù ọṣẹ kúrò lára àwo irin pẹlẹbẹ tó wà lára mọ́tò. Ohun tá a kà níbẹ̀ nìyí: 50/60 Hz, 400/460 V, 1450/1750. Mọ́tò tó lè gba iná méjèèjì ni. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, torí bí mọ́tò bá bá iná wa mu, ẹjọ́ wo la tún fẹ́ rò? Ó ní kí n ní sùúrù. Ó sún tọ́ọ̀ṣì lọ sára àpótí gíá tó wà láàárín mọ́tò àti ọ̀pá tó ń fa gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ. Àwo kékeré kan wà lára òun náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: i = 29.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí mọ́tò bá yí nígbà 29, ọ̀pá yẹn á yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀pá bá sì yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rá kan ti di dídì nìyẹn. Mo mú fóònù mi, mo ṣí ìṣirò, mo sì tẹ ẹ́:

```
1750 / 29 = 60.3
1450 / 29 = 50.0
1450 / 24 = 60.4
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ náà nílé àwọn tó ṣe é. Ìlà kejì ni ẹ̀rọ náà lọ́dọ̀ wa. Ìlà kẹta ni ohun tó yẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́: àpótí gíá 24, kì í ṣe 29. Kò sóhun tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ wa. Ẹ̀rọ tí wọ́n wọ̀n fún iná ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún wa.

Ohun tí wọ́n fi gbèjà ara wọn

A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, nítorí náà ó yẹ kí n sọ tiwọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Nǹkan méjì ni wọ́n dì mú. Àkọ́kọ́, wọ́n ní ìlà kan nínú ìwé ìbéèrè wa sọ pé “iná 400 fóltì, 50 hẹ́tísì”, mọ́tò tí wọ́n fi sí i sì gba 50 hẹ́tísì. Èkejì, wọ́n ní kí ẹ̀rọ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọ́n dán an wò, wọ́n ya fídíò rẹ̀, ọ̀rá 60 ló dì ní ìṣẹ́jú kan, a wò ó, a sì fọwọ́ sí ìwé ìdánwò náà.

Kí ẹ má fojú kékeré wo àwíjàre méjèèjì yìí. Bí èèyàn bá ń kà ìwé ìbéèrè ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ìlà kan ò mọ èkejì rí, wọ́n jàre. Ìlà iná sọ 50 hẹ́tísì, mọ́tò gbà á. Ìlà iṣẹ́ sọ ọ̀rá 60, fídíò fi 60 hàn. Ohun tí wọ́n fò dá ni pé ìlà méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní àkókò kan náà. Kò sẹ́ni tó ń ra ẹ̀rọ tó ń di 60 níbòmíràn. Ọ̀rá 60 lórí iná 50 la bèèrè.

Ìwé ìdánwò yẹn gan-an ló sì tú àṣírí. Nígbà tá a padà lọ kà á dáadáa, a rí àyè kan nísàlẹ̀ ojú ewé kejì tí wọ́n ti kọ irú iná tí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò: 60 Hz. Fún ìdí yẹn, fídíò tí wọ́n gbójú lé ò já wa nírọ́. Ẹ̀rí wa ni. Ó fi hàn pé ẹ̀rọ kan náà, àpótí gíá kan náà, á di 60 lórí iná wọn, á sì di 50 lórí tiwa. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Lójú òfin, kì í ṣe ọgbọ́n orí wa nìkan lèyí. Àdéhùn àgbáyé lórí títa ọjà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Vienna lọ́dún 1980 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1988, sọ nínú abala 35 pé ọjà gbọ́dọ̀ bá iye, ìwọ̀n dídára àti àpèjúwe tó wà nínú àdéhùn mu, kó sì wúlò fún iṣẹ́ pàtó tí olùrà ti jẹ́ kí olùtà mọ̀. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń ṣòwò sì lè kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ò fẹ́ ẹ, nítorí náà kí ẹ yẹ àdéhùn tiyín wò kí ẹ tó gbójú lé e. Bí kò bá tiẹ̀ sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ òfin káràkátà ló ní gbólóhùn tó jọ ọ́.

Lẹ́tà tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde

Ọ̀gá wa fẹ́ kí lẹ́tà náà gbóná. Inú ń bí i, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Àmọ́ mo ti rí ọ̀pọ̀ lẹ́tà ìbínú tó gùn tó ojú ewé mẹ́rin tí olùtà kàn yọ ìlà kan ṣoṣo tó ṣeé já nírọ́ níbẹ̀, tó dáhùn ìyẹn, tó sì dákẹ́ lórí ìyókù. Lẹ́tà tá a kọ lẹ́yìn tá a ti rí àwo gíá yẹn ò ju ojú ewé kan lọ.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ju èyí: nọ́ńbà ẹ̀rọ àti nọ́ńbà ìwé ìbéèrè; ìlà méjèèjì tá a tọ́ka sí, bí wọ́n ṣe wà gẹ́lẹ́; ohun tá a wọ̀n, bí a ṣe wọ̀n ọ́; ìṣirò tó wà lókè yìí; fọ́tò àwo mọ́tò, àwo gíá àti àyè tí wọ́n kọ 60 Hz sí nínú ìwé ìdánwò. Lẹ́yìn náà, ohun tá a fẹ́: àpótí gíá 24 lówó wọn, pẹ̀lú ẹni tí yóò wá fi sí i, àti ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ dé. A fi gbólóhùn kan kún un pé ilé-iṣẹ́ ń pàdánù nítorí àléébù yìí, pé ìṣirò ń bọ̀ lẹ́yìn, àti pé bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ náà ò túmọ̀ sí pé a gbà á bẹ́ẹ̀.

Lórí bí a ṣe wọ̀n ọ́, kí n dúró díẹ̀. “Ẹ̀rọ yín ò yára” kì í ṣe ìwọ̀n. A fi ọṣẹ gidi sí i, a lo ọ̀rá tó ní gíráàmù tí ìwé ìbéèrè sọ, a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ wákàtí kan gbáko láìdúró, a sì ka ohun tó dì. Ní àsìkò kan náà, a fi mítà yẹ hẹ́tísì iná wò, a sì fi ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka yíyí kà mọ́tò. Hẹ́tísì ṣe pàtàkì gan-an, torí ohun àkọ́kọ́ tí olùtà máa sọ ni pé iná yín ni kò dáa. Bí iná bá wà ní 50 tí mọ́tò sì ń yí tó 1450, ọ̀nà yẹn ti dí.

Kí ìwé náà tètè jáde tún ṣe kókó ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Àdéhùn Vienna yẹn ní kí olùrà yẹ ọjà wò láàárín àkókò kúkúrú tó bá ṣeé ṣe, kó sì kọ̀wé nípa àléébù láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu lẹ́yìn tó rí i tàbí tó yẹ kó ti rí i. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ọjà dé ọwọ́ rẹ̀ ni òpin pátápátá, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ka ọdún méjì yẹn sí àyè ìsinmi. Àléébù tó hàn ní ọjọ́ tí wọ́n tan ẹ̀rọ, bí èèyàn bá jókòó tì í fún oṣù mẹ́jọ kó tó kọ̀wé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè ti bọ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: bí ẹ bá pẹ́, olùtà á yí i padà sí yín, á ní ẹ̀yin lẹ lò ó nílòkulò.

Ohun tí a ṣe nígbà tí gíá ò tíì dé

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gíá náà ò ní 24 nílẹ̀. Wọ́n ní a máa dúró. Òfin ò fẹ́ kí olùrà káwọ́ lẹ́rán máa ka àdánù. Abala 77 nínú àdéhùn kan náà sọ pé ẹni tó ń bèèrè owó ìtanràn gbọ́dọ̀ ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu láti dín àdánù kù. Bí kò bá ṣe é, wọ́n á yọ iye tí ì bá dín kúrò.

Ọ̀nà tó wà ni dúráìfù, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń so sáàárín iná àti mọ́tò, tó lè yí hẹ́tísì padà. Ó ń gba 50 wọlé, á sì fún mọ́tò ní 60. Mọ́tò á yí tó 1750, ọ̀rá á di 60. Olùtà tiẹ̀ fẹ́ kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á parí sí.

Kì í ṣe àbá burúkú, ṣùgbọ́n ó ní ààlà tí wọn ò sọ. Ẹ padà wo àwo mọ́tò: 400 fóltì fún 50, 460 fóltì fún 60. Dúráìfù tó ń gba 400 fóltì ò lè fún mọ́tò ní 460. Nítorí náà mọ́tò á sáré dé 60, ṣùgbọ́n fóltì tó yẹ kó bá a dé ibẹ̀ ò ní tó, agbára tó fi ń yí ẹrù á sì dín. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ń lọ geerege, ẹ ò ní mọ̀. Lọ́jọ́ tí ọṣẹ bá dì mọ́ ibi tó ti ń jáde, tó di pé kí mọ́tò fi tipátipá fa á, ẹ máa mọ̀. A fi mítà wo iná tí mọ́tò ń fà, a rí i pé ó ṣì jìnnà sí iye tí àwo fi ṣe òpin, nítorí náà a gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun tá a fi ń rọ́jú lò títí gíá á fi dé.

Ohun kan ni a kò ṣe: a ò fọwọ́ kan àpótí iná ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó kọ̀wé sí wa pé àwọn gbà, pé kò ní ba gàráńtì jẹ́. Ẹnjiníà wọn ti sọ ọ́ lórí fóònù pé kò séwu. Mo ní kó fi ìlà kan ránṣẹ́ ní ímeèlì. Ìlà yẹn pẹ́ kó tó dé ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n n kò kábàámọ̀ pé a dúró dè é.

Iye tí a pàdánù gan-an

Ibí ni mo rò pé ọ̀pọ̀ olùrà ti máa ń sọ ẹjọ́ tó dáa nù. Ìṣirò àkọ́kọ́ tí ọ̀gá wa ṣe rọrùn: ọ̀rá 10 ló ń dín ní ìṣẹ́jú kan, 600 ni wákàtí kan. Mítà wákàtí tó wà lára ẹ̀rọ fi hàn pé láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ títí dúráìfù fi wọlé, ó ti ṣiṣẹ́ wákàtí 400 nínú àkókò iṣẹ́ gidi. Ọ̀rá 240,000 nìyẹn. Ó fi iye tí à ń ta ọ̀rá kan sọ ọ́ di owó, ó ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Mo ní, “Ọ̀gá, bí a bá fi èyí ránṣẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ní ka ìyókù.”

Ohun tó dáa nínú ìṣirò rẹ̀ ni pé wákàtí tí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lóòótọ́ ló kà, kì í ṣe wákàtí tí ilé-iṣẹ́ ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rọ tó ń di 60 náà máa ń dúró kí wọ́n pààrọ̀ rọ́ọ̀lù, kí wọ́n nù ún. A ò lè di gbogbo ìyẹn ru olùtà. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló ṣẹ́ kù.

Àkọ́kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo 240,000 la pàdánù. Kí àwọn oníbàárà má bàa sá, a fi ofatáìmù kún iṣẹ́. Wákàtí 50 ni, ní ìwọ̀n 3,000 ọ̀rá ní wákàtí kan, èyí tó jẹ́ 150,000. Ọ̀rá wọ̀nyẹn, a ṣe wọ́n, a sì tà wọ́n. Ohun tá a pàdánù lórí wọn ni owó ofatáìmù tá a san, kì í ṣe owó ọjà. Ẹni tó bá bèèrè fún méjèèjì ń ka àdánù kan lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí kò jáde rárá ni 90,000, a sì ní ìwé ìbéèrè àwọn oníbàárà tí a ò lè fún lọ́jà láti fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń po ọṣẹ ṣáájú èyí lè po ju ohun tí ọ̀rá 60 ń gbà lọ. Ká ní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni, olùtà ì bá ní òun kọ́ ló dí wa lọ́nà.

Èkejì ni pé ọ̀rá tí a ò ṣe, a ò lo ọṣẹ sínú rẹ̀, a ò lo rọ́ọ̀lù fún un, kò sì jẹ iná. Nínú 100 tí à ń tà, 70 ni owó àwọn nǹkan wọ̀nyẹn. 30 tó kù ni àdánù. Nítorí náà, 90,000 ọ̀rá tí kò jáde dúró fún owó ọ̀rá 27,000. Owó ilé àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú 30 yẹn tẹ́lẹ̀, torí a san wọ́n bóyá ẹ̀rọ ń sáré tàbí kò sáré. Bí a bá tún kọ wọ́n lọ́tọ̀, a ti tún kà á lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Láti 240,000 sí owó ọ̀rá 27,000 àti ofatáìmù wákàtí 50. Ojú ọ̀gá wa yí padà nígbà tó rí i. Ṣùgbọ́n èyí kéré, ó sì ṣòro láti já. Tọ̀hún tóbi, ẹni tó bá ní kálúkúlétọ̀ lọ́wọ́ lè fọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ohun tí olùtà mọ̀ nígbà tó ń tà á

Àdánù tó jẹ́ òtítọ́ náà ní ibi tó ń dé dúró. Ẹjọ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn agbẹjọ́rò ò ní yé tọ́ka sí. Ọ̀pá ẹ̀rọ tó ń yí ọlọ kan ní Gloucester kán lọ́dún 1853, wọ́n sì fi fún akẹ́rù kan pé kó gbé e lọ sí Greenwich kí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ fún tuntun. Akẹ́rù fi í falẹ̀, ọlọ ò sì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ tó ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdájọ́ ọdún 1854 sọ pé akẹ́rù ò ní san èrè tó bọ́, torí kò sẹ́ni tó jẹ́ kó mọ̀ pé ọlọ náà ò ní lè ṣiṣẹ́ títí ọ̀pá á fi padà. Ọlọ mìíràn lè ní ọ̀pá míì nílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹjọ́ náà ni Hadley àti Baxendale.

Èyí tó sún mọ́ tiwa jù ni ti ọdún 1949. Ilé-ìfọṣọ kan ní Windsor ra bọ́ílà ńlá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan lọ́dún 1946. Bọ́ílà náà bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tú u, ó sì pẹ́ tó oṣù márùn-ún kó tó dé. Ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n san èrè tí ilé-ìfọṣọ èyíkéyìí ì bá jẹ nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, torí ẹnjiníà tó ń ta bọ́ílà fún ilé-ìfọṣọ ò lè sọ pé òun ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n èrè pàtàkì tó wà nínú iṣẹ́ aró kan tí ìjọba gbé fún wọn, ìyẹn ò bófin mu láti gbà ní iye tó jẹ́, torí olùtà ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Nínú ímeèlì tá a fi bèèrè iye owó ẹ̀rọ, a ti kọ ọ́ pé 60 la nílò, torí iye tí àwọn oníbàárà wa ń gbà nìyẹn. Ìyẹn bo 90,000. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tó bọ́ lọ́wọ́ wa, tí èrè rẹ̀ pọ̀ ju ti ìyókù lọ, tí a ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Mo yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Ọ̀gá wa ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ogiri tó kẹ́yìn ni gbólóhùn kan nínú àdéhùn tá a fọwọ́ sí pé olùtà ò ní dáhùn fún “èrè tó bọ́”. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ìwé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ. Bó ṣe lágbára tó wà lọ́wọ́ òfin tí àdéhùn náà dúró lé. Ohun tó jẹ́ kí n dùn pé a ti ya ìṣirò sọ́tọ̀ nìyẹn: owó ofatáìmù kì í ṣe èrè tó bọ́, owó tó jáde lápò ni, pẹ̀lú ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó dúráìfù àti ti ẹni tó so ó.

Wọ́n san gbogbo ìyẹn. Wọ́n fi àpótí gíá ránṣẹ́, wọ́n sì rán ẹnjiníà tẹ̀ lé e. Lórí ọ̀rá 90,000, wọ́n tọ́ka sí gbólóhùn yẹn, wọ́n wá fi ẹ̀dínwó lórí àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ lọ̀ wá dípò owó. Èmi ì bá ti kọ̀ ọ́, torí ẹ̀dínwó ò wúlò fún ẹni tí kò ní nǹkan láti rà, àwọn fúnra wọn ló sì ń sọ iye tí ẹ̀yà ẹ̀rọ á jẹ́. Ọ̀gá wa ní ẹjọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè á jẹ ju owó ọ̀rá 27,000 lọ, ó gbà á. A jọ fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan: pé a ò ní fọwọ́ sí ìwé ìparí ọ̀rọ̀ títí gíá 24 á fi wọlé, tí a óò fi kà ẹ̀rọ náà fún wákàtí mẹ́rin lórí iná tiwa, pẹ̀lú ọṣẹ tiwa, láìsí dúráìfù, kí ẹnjiníà wọn sì kọ iye tó kà àti hẹ́tísì iná sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é.